Mú, fà tàbí gbà? Ìwé òfin eré orí pátákó ní èdè Yorùbá

Òǹbéèrè, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń túmọ̀ ìwé òfin eré ọjà kan láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Ojú ìwé 24 ni, káàdì rẹ̀ jẹ́ 96, àwọn tó ni eré náà sì ti fún wa láṣẹ. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àwọn mẹ́rin jókòó láti dán an wò, àríyànjiyàn sì dé. Ìwé òfin sọ pé kí wọ́n mú káàdì méjì, àpẹẹrẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ pé kí wọ́n gba káàdì méjì, káàdì fúnra rẹ̀ sì ní kí wọ́n fa káàdì méjì. Ohun kan náà ni mo ní lọ́kàn. Ṣé dandan ni kí n lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní dà bí ìwé tí ọmọdé kọ?

———

Atúmọ̀, Ìkéré-Èkìtì

Dandan ni, àbúrò, ibi tí mo sì fẹ́ kí o ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìwé òfin bí kò ṣe káàdì. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé òfin nítorí pé òun ló gùn, òun ló sì jọ iṣẹ́ gidi lójú wa. Nígbà tí a bá wá dé orí káàdì, a óò rí i pé gbólóhùn tó dùn nínú ìwé kò gba ojú káàdì tó fẹ̀ ní mìlímítà 63 péré, a óò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrú. Níbi gígé yẹn ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yí padà. Bí o bá ti orí káàdì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá gba ibi tóóró yóò gba ibi gbogbo.

Tẹ́ káàdì 96 náà sórí tábìlì, kí o sì ka ohun tí káàdì kọ̀ọ̀kan ní kí a fi ọwọ́ ṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó fi sọ ọ́. Nínú ohun tí o kọ yìí, mo rí iṣẹ́ mẹ́ta tí o ti dà pọ̀. Akópa lè na ọwọ́ sí àkójọ tó dojú délẹ̀, kí ó gbé èyí tó wà lókè láìmọ ohun tó jẹ́. Ó lè ṣa èyí tó wù ú nínú àwọn tí a pàtẹ síta tí gbogbo ènìyàn ń rí. Ilé owó tàbí akópa mìíràn sì lè gbé nǹkan lé e lọ́wọ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: èyí tí ojú kò rí, a fà á, èyí tí a ṣà, a mú un, èyí tí wọ́n gbé fún ni, a gbà á.

Nítorí náà, àwọn ọmọ tó ń bá ara wọn jiyàn ní Sátidé kò ṣi ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. Ìwé òfin rán ẹnìkan sí ìpàtẹ, àpẹẹrẹ ní kí ẹlòmíràn máa retí ẹni tí yóò fún un, káàdì sì rán ẹni kẹta sí orí àkójọ. Òfin mẹ́ta ni o kọ, o kàn rò pé ọ̀kan ni.

Fi káàdì kan tó ń dà yín láàmú ránṣẹ́ síbí bí o ṣe kọ ọ́ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

———

Tísà Yorùbá, Ìkọ̀lé-Èkìtì

N kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Mo ti ń kọ́ni ní èdè yìí láti ọjọ́ pípẹ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sì kọ àròkọ fún mi tí ó fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mẹ́fà léraléra, n óò yọ máàkì rẹ̀. Ọlá èdè wa wà nínú bí ó ṣe ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò mọ̀ láti inú gbólóhùn pé gbígbà àti mímú lè jẹ́ nǹkan kan náà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni iye. Òǹbéèrè kọ pé kí wọ́n mú káàdì méjì. Ta ni yóò mú méjì? Bí a bá sọ fún ènìyàn mẹ́rin pé, "Ẹ fa káàdì méjì," méjì péré ni gbogbo wọn yóò fà, kí wọ́n tó máa wá bí wọn yóò ṣe pín in. Bí ó bá jẹ́ pé mẹ́jọ ni yóò kúrò lórí àkójọ, "Ẹ fa káàdì méjì méjì" ni kí ẹ kọ. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwa ń sọ iye náà lẹ́ẹ̀mejì ni, ìyàtọ̀ méjì sí mẹ́jọ kì í sì í ṣe kékeré nínú eré.

———

Atúmọ̀, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀rọ̀ méjì méjì yẹn tọ́, ó sì wà lára ohun tí mo máa ń wá kiri nínú gbogbo ìwé òfin tí mo bá yẹ̀ wò. Ààlà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ pa sí i. Bí gbólóhùn bá ti dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, irú bíi "Kí oníkálukú fa káàdì méjì," ẹ má ṣe tún iye náà sọ mọ́. Mo ti rí ẹni tó ka "Kí oníkálukú fa káàdì méjì méjì" tí ó rò pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun yóò nawọ́, tí ó sì fa mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ yan ọ̀nà kan fún gbogbo ìwé: yálà "ẹ" pẹ̀lú "méjì méjì", tàbí "oníkálukú" pẹ̀lú "méjì". Èmi yan ti kejì.

Ní ti pípààrọ̀ aṣọ, sà, ẹni tó ń ka àròkọ ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà gbólóhùn kan ń tan ìmọ́lẹ̀ sí èkejì fún un. Ẹni tó ń ṣe eré kì í kà bẹ́ẹ̀. Ó di káàdì kan lọ́wọ́, ó ń wá ìlà kan nínú ojú ìwé 24, àwọn mẹ́ta mìíràn sì ń wo ojú rẹ̀ kí ó tètè ṣe tirẹ̀. Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀, yóò gbà pé ohun méjì ni wọ́n, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè fi gbogbo ẹwà yẹn sí ìtàn kékeré tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ káàdì, èyí tí kì í ṣe àṣẹ. Ṣùgbọ́n kódà níbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àṣẹ wọlé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ káàdì kan pé ọkùnrin inú àwòrán náà "a máa gba owó lọ́wọ́ gbogbo ọlọ́jà". Ìtàn lásán ni. Ọmọkùnrin kan fi káàdì náà lélẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí àwọn mẹ́ta yòókù pé kí wọ́n kó owó wá. N kò rí ohun tí mo lè fi bá a wí.

———

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, kò sì yé mi ìdí tí ẹ fi ń wá ọ̀rọ̀ tuntun kiri. Ayò ọlọ́pọ́n wà ńlẹ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ 12, ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó kọ òfin rẹ̀ fún mi lórí ìwé kí n tó mọ̀ ọ́n ta. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà ní ayò. Bí ẹ bá sì kọ̀ tí ẹ ní ti òyìnbó lẹ fẹ́, ẹ lo ọ̀rọ̀ ayò fún un: kí ẹ ta á, kí ẹ jẹ, kí ẹni tó borí jẹ́ ọ̀ta, kí ẹni tí wọ́n borí sì jẹ́ ọ̀pẹ. Àgbàlagbà wo ni kò ní gbọ́ ìyẹn?

———

Atúmọ̀, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Bí ó bá jẹ́ eré mìíràn ni, ọ̀rọ̀ ayò ni n bá kọ́kọ́ yàn, ọ̀ta àti ọ̀pẹ sì wù mí fún òpin ìwé náà. Ohun tó dí wa lọ́nà ni pé eré ọjà ni èyí, títa ọjà sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a bá ń ta epo, ohùn "tà" tó wà nísàlẹ̀ máa ń gòkè sí àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀lé e, ó sì di "ta" gan-an bíi ti "ta ayò". Bí a bá kọ ọ́ sórí káàdì pé "Ta lẹ́ẹ̀kan sí i," ẹnìkan yóò tún eré ṣe, ẹlòmíràn yóò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ọjà. Nítorí náà, "ta" di ti ọlọ́jà nìkan, a sì ń pe ẹni tó jókòó ti pátákó ní akópa.

Irú rẹ̀ kan náà ni ti àwọn ọmọ tó ń ṣe eré Wọ́ọ̀tì. Nínú Wọ́ọ̀tì, ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò fi lélẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún pé kó lọ ọjà, ìyẹn ni pé kó fa káàdì kan. Gbogbo ọmọ Èkìtì tó ti dé ilé ìwé ló mọ èyí. Bí ìwé òfin wa bá wá sọ pé "Lọ sí ọjà", tí ó sì ń tọ́ka sí ibi tí a yà sórí pátákó, ọwọ́ wọn yóò ti wà lórí àkójọ kí ojú wọn tó dé pátákó. A kọ ọ́ pé "Gbé ọmọlúàbí rẹ dé ojú ọjà", nítorí pé ère kékeré náà ni òǹbéèrè pè ní ọmọlúàbí nínú lẹ́tà tó kọ sí mi.

———

Òǹbéèrè, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Káàdì tó fa wàhálà jù nìyí, Alájàpá ni orúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí.

Nínú ìwé òfin: "Alájàpá lè mú káàdì méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo rẹ̀, kí ó sì da ọ̀kan nù."

Nínú àpẹẹrẹ: "Nígbà tó kan Àdùkẹ́, ó gba káàdì méjì, ó sì ju ọ̀kan sílẹ̀."

Lórí káàdì: "Fa káàdì méjì. Ju ọ̀kan."

Láti orí àkójọ ni káàdì ti ń wá nínú eré gidi, kì í ṣe dandan pé kí akópa fà á, èyí tí yóò sì sọ nù lè jẹ́ èyíkéyìí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn án ló lè ṣe é.

———

Atúmọ̀, Ìkéré-Èkìtì

Ó dára tí o fi àlàyé kẹ́yìn sí i, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí tán. Jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lórí káàdì, "lè" ti bọ́ sọ nù. Ohun tí ìwé òfin fi sílẹ̀ fún akópa láti yàn ti di dandan. Lẹ́tà méjì péré ni o fi pamọ́ láti rí àyè, o sì yí òfin padà.

Nínú ìwé òfin, o lo "ìyípo" fún ìgbà tó kan ẹnìkan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyípo náà ni o tún lò fún ìgbà tí ó bá ti kan gbogbo ènìyàn yíká tán. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan yóò lo Alájàpá lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo, kódà bí kò bá tíì kàn án. Fi ìyípo sílẹ̀ fún ti gbogbo ènìyàn. Fún ti ẹnìkan, má ṣe wá ọ̀rọ̀-orúkọ kankan. Gẹ̀ẹ́sì nílò rẹ̀, àwa kò nílò rẹ̀. "Bó bá kàn ọ́" ti tó, ó kúrú, ọmọdé sì ti ń lò ó kí ó tó mọ̀wé.

Èyí tó le jù ni "ju". Wo gbólóhùn kan tó dájú pé yóò wà nínú ìwé rẹ, nítorí pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀: bí káàdì ọwọ́ akópa bá ju méje lọ, kí ó ju àwọn tó lé sílẹ̀. "Ju" àkọ́kọ́ ń sọ pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èkejì ń sọ pé kó sọ wọ́n nù, àmì ohùn kò sì lè gbà ọ́ níbí, nítorí pé ohùn kan náà ni wọ́n gbà. Ẹni tó bá sáré ka "ju káàdì mẹ́ta" yóò dúró láti ronú. Mo fi "ju" sílẹ̀ fún iye nìkan. Ibi tí à ń kó káàdì tí a ti lò sí ni mo pè ní ààtàn, iṣẹ́ náà sì di "fi sí ààtàn". Gbogbo ènìyàn mọ ibẹ̀, kò sì jọ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú eré náà.

Ẹ̀kẹrin ni pé kò sí èyí tó sọ ibi tí ọ̀kan tí a óò sọ nù yóò ti wá. Báyìí ni n óò ṣe kọ ọ́:

"Bó bá kàn ọ́, o lè fa káàdì méjì. Bí o bá fà wọ́n, fi ọ̀kan nínú káàdì ọwọ́ rẹ sí ààtàn."

Kọ ọ́ báyìí gẹ́lẹ́ sínú ìwé òfin pẹ̀lú, láìfi kún un. Nínú àpẹẹrẹ, orúkọ nìkan ni yóò yí padà: "Ó kan Àdùkẹ́. Ó fa káàdì méjì, ó sì fi ọ̀kan nínú káàdì ọwọ́ rẹ̀ sí ààtàn." Má ṣe jẹ́ kí àpẹẹrẹ ṣe àlàyé òfin ní ọ̀nà tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi òfin hàn bí ó ṣe ń rìn.

———

Onítẹ̀wé, Ìfàkì-Èkìtì

Èmi ló máa ń tẹ irú nǹkan báyìí, ìmọ̀ràn mi sì ni pé kí ẹ yọ gbogbo àmì orí àti ìsàlẹ̀ kúrò. Ní ọdún kan, mo tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó kan, gbogbo àmì orí "ọ́" sì fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Àwọn ẹbí ìyàwó kò san ìdajì owó náà fún mi di òní. Àwọn ènìyàn yóò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ láìsí àmì, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ lórí fóònù.

———

Atúmọ̀, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ti owó yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ "ọ́" nínú kọ̀ǹpútà. "Ọ" jẹ́ ọ̀kan, àmì òkè rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀tọ̀, fọ́ǹtì tí wọn kò bá ṣètò dáadáa kò sì ní mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ìlà kan tó ní ọ́, ọ̀, ẹ́, ẹ̀, Ọ́ àti Ẹ̀ nínú, ní ìwọ̀n tí yóò wà lórí káàdì gan-an, kí ẹ tó gba iṣẹ́ náà. Bí àmì kan bá yẹ̀, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì.

Ṣùgbọ́n a kò lè yọ àmì nínú eré yìí. Akópa ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó ń kó ẹrù, ó sì lè kọ̀ láti san owó orí. Bí ẹ bá yọ àmì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di "ko", káàdì tó ní "O le ko" sì lè túmọ̀ sí ohun mẹ́ta. Lórí fóònù, ẹni tó kọ̀wé sí wa ni a mọ̀. Káàdì kò ní ẹni tí a lè bi.

———

Òǹbéèrè, Adó-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ kọ́ yìí gan-an ló tún mú mi. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá "kọ́" nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ó rí 11. Mo fi ojú ara mi kà á, mo rí 19. Mẹ́jọ wà níbẹ̀ tí kò rí rárá, bẹ́ẹ̀ lójú mi bákan náà ni gbogbo wọn ṣe rí.

———

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, Adó-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti lo kíbọọ̀dù méjì, ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan lè tẹ "ọ" kí ó tó fi àmì òkè sí i, èkejì lè tẹ "ó" kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn tún máa ń fi ìlà kékeré sí ìsàlẹ̀ dípò tóótó. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà rí i. Ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ sí ofin.txt, kí ẹ sì lo èyí:

```
import unicodedata

def tun(s):
    s = s.replace("\u0329", "\u0323")
    return unicodedata.normalize("NFC", s)

oro = tun(open("ofin.txt", encoding="utf-8").read())
print(oro.lower().count(tun("kọ́")))
```

Ìlà tó ní replace ń sọ ìlà kékeré ìsàlẹ̀ di tóótó, nítorí pé NFC nìkan kò lè ṣe ìyẹn. NFC sì ń to àmì yòókù sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Yóò ka "ẹ̀kọ́" àti "kọ́kọ́" mọ́ ọn pẹ̀lú, nítorí náà ẹ ṣì ní láti fi ojú wò ó.

———

Atúmọ̀, Ìkéré-Èkìtì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí, mo ti ń fi ojú ṣe iṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ẹ rántí pé wíwá "fà" nìkan kò tó, nítorí pé "fa káàdì" ni yóò wà níbi púpọ̀, "fà á" àti "fà wọ́n" níbi mìíràn, "fífà" sì tún wà. Ṣe ìwé ọ̀rọ̀ kan tí ìwọ yóò lẹ̀ mọ́ ògiri, kọ gbogbo ìrísí ọ̀rọ̀ kan sórí ìlà kan, kí o sì wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

———

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ dá sí i. Èmi àti àwọn ọmọ ọmọ mi jọ máa ń ṣe irú eré báyìí nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá ń ka káàdì fún mi pé "Bó bá kàn ọ́, fi ọ̀kan sí ààtàn," ó dà bíi pé ó ń rán mi níṣẹ́. Kí ló dé tí ẹ kò lo "ẹ"?

Ààtàn náà kò sì dùn mọ́ mi. Nínú irú eré báyìí, bí àkójọ bá tán, a óò kó àwọn káàdì ààtàn, a óò pò wọ́n pọ̀, a óò sì tún fi wọ́n ṣeré. Ta ló ń kó ọjà láti ààtàn padà sórí àtẹ? Ẹ pè é ní àlòkù.

———

Atúmọ̀, Ìkéré-Èkìtì

Màmá, ohun tí ẹ sọ nípa ààtàn mú mi lọ́kàn, n kò sì ní èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. "Àlòkù" kúrú, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n àwọn káàdì kan wà tí akópa ń sọ nù láìlò wọ́n rárá, bíi ti ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ ju méje lọ. N óò fi èyí sílẹ̀ fún àwọn tó ń dán eré náà wò.

Ní ti "ẹ", ọ̀wọ̀ ni mo kọ́kọ́ fi ṣe ìtumọ̀ ìwé òfin àkọ́kọ́ tí mo ṣe. Káàdì kan ní "Ẹ san owó kan." Àgbàlagbà kan gbé e jáde, gbogbo tábìlì sì san owó kan kan, nígbà tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni òfin bá wí. Láti ìgbà náà ni mo ti fi "o" sí ẹni tó di káàdì, tí mo sì fi "ẹ" sí gbogbo akópa. Mo máa ń kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé káàdì ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ tó ń kà á.

———

Tísà Yorùbá, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Èmi dúró lẹ́yìn màmá. Ìkìlọ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́ kò sí lórí tábìlì nígbà tí ọmọ bá ń ka káàdì. Ẹ lè kọ ọ́ pé "Kí akópa fa káàdì méjì," kò ní sí "o", kò ní sí "ẹ".

———

Atúmọ̀, Ìkéré-Èkìtì

Ó ṣeé ṣe, sà, ó kàn máa ń gùn ni. Lórí Alájàpá, yóò fi ìlà kan kún un. Bí òǹbéèrè bá rí àyè fún un lórí gbogbo 96, n kò ní jà.

———

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Òǹbéèrè, ọmọ mi kan tó wà nínú ẹgbẹ́ yín fi ìwé náà hàn mí. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọrọọrún ni ọjà ń ná. Ṣé ohun tí ìwé òyìnbó sọ nìyẹn?

———

Òǹbéèrè, Adó-Èkìtì

Bàbá, ìwé Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìyípo mẹ́rin mẹ́rin ni. Mo lo ọrọọrún kí ó lè dùn létí, nítorí pé mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi àgbà pé ọjà ọrọọrún máa ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Lórí káàdì, mo kọ "lẹ́yìn ìyípo mẹ́rin".

———

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ìyá rẹ àgbà kò purọ́. Ọjọ́ tí ọjà ná ni à ń kà ṣe ìkínní, nítorí náà ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e ni ìkarùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjẹta: lónìí, lánàá, ìjẹta, ó di mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n fi ilé ìwé kọ́ ní ìṣirò kò kà bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọn yóò gbọ́ ọrún, wọn yóò sì ka márùn-ún gbáko.

———

Òǹbéèrè, Adó-Èkìtì

Mo bi wọ́n lálẹ́ àná, ohun tí bàbá sọ gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Ìyípo 12 ni eré náà ní. Ọjà gbọ́dọ̀ ná ní ìkẹrin, ìkẹjọ àti ìkejìlá, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn tó gbọ́ ọrọọrún sí márùn-ún ná an ní ìkarùn-ún àti ìkẹwàá, wọ́n sì di ẹrù lọ́wọ́ ní òpin eré láìrí ọjà tí wọn yóò tà á sí. Ọ̀kan tó ka káàdì ní tirẹ̀ dúró kí ìyípo mẹ́rin parí, ó sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún ni ọjà. A kàn rò pé eré náà kò dùn ni.

———

Atúmọ̀, Ìkéré-Èkìtì

Yọ ọrọọrún kúrò nínú òfin, yọ "lẹ́yìn" náà kúrò, kí o sì kọ nọ́ńbà síta ní ibi gbogbo: "Ọjà ń ná ní òpin ìyípo 4, 8 àti 12." Bí àyè bá wà lórí pátákó fún kíka ìyípo, fi àwòrán agbọ̀n sí abẹ́ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. O lè gbé ọrọọrún lọ sínú ìtàn ìsàlẹ̀ káàdì, bàbá ni yóò mọ adùn rẹ̀.

———

Òǹbéèrè, Adó-Èkìtì

Mo ti ṣe é. Ìwé ọ̀rọ̀ ti wà lára ògiri, ìlà 14 ni, káàdì 96 sì ti bá a mu àyàfi ti ààtàn. Ní Sátidé yìí, tábìlì méjì ni a óò tẹ́, ọ̀kan pẹ̀lú ààtàn àti "o", èkejì pẹ̀lú àlòkù àti "kí akópa". Bàbá ti gbà láti jókòó ti èkejì.